Iṣẹ́ Ń Lọ, Owó Ò Wọlé: Ohun Tójú Àwọn Èèyàn Wa Rí ní Pápákọ̀ Òfurufú Houston

Bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba nílé rí, tàbí tó bá jẹ́ pé tíṣà ni bàbá yín tàbí ìyá yín, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí oṣù bá parí tí owó ò wọlé. Ẹ mọ bí èèyàn ṣe ń múra láàárọ̀ láti lọ síbi iṣẹ́, tó sì ń ṣírò owó ọkọ̀ lọ́kàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò rò ni pé irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àgàgà sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tó jẹ́ pé irú wọn gan-an la máa ń tọ́ka sí pé ọwọ́ wọn ti tẹ iṣẹ́ gidi.

Ó ṣẹlẹ̀ o. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Kọ́ńgírẹ́sì ò fẹnu kò lórí owó tí ìjọba máa ná, ni ìjọba bá ti ilẹ̀kùn pa. Ọjọ́ 43 gbáko ló fi wà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi ṣí i lálẹ́ ọjọ́ kejìlá oṣù Kọkànlá. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn, láti ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2018 sí ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 2019, ọjọ́ 35 ló lò, a sì rò nígbà yẹn pé kò lè sí èyí tó máa burú jù ú lọ.

Tí ìjọba bá tilẹ̀kùn báyìí, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń pín òṣìṣẹ́ sí. Wọ́n á ní kí àwọn kan lọ jókòó sílé. Wọ́n á sọ fún àwọn kan pé iṣẹ́ tiyín ò ṣe é dá dúró, ẹ máa bọ̀, ṣùgbọ́n owó ò tíì sí. Àwọn kejì yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Nínú wọn ni àwọn TSA tó ń yẹ ẹrù àti ara èrò wò ní pápákọ̀ òfurufú wà, àti àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú láti inú ilé gogoro. Houston ní pápákọ̀ ńlá méjì, Bush tó wà lápá àríwá àti Hobby tó wà lápá gúúsù, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tó ń wọ aṣọ búlúù yẹn. Tí ẹ bá ti gba Bush lọ sí Èkó rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ló rọra kí yín "ẹ káàárọ̀" nígbà tí ẹ ń bọ́ bàtà.

Ẹnìkan á ní, kí ló dé tí wọn ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ? Àbí kí wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ bíi ti NLC nílé? Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ yìí kò gba òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ láyè láti da iṣẹ́ sílẹ̀ rárá. Ní ọdún 1981, àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú dán an wò, Ààrẹ Reagan sì lé ohun tó ju 11,000 nínú wọn lọ. Ẹni tó bá ní ara òun ò yá lásìkò tí ìjọba tilẹ̀kùn, kò lè gba owó ìsinmi àìsàn lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì kọ sílẹ̀ pé o ò wá láìgbàṣẹ, wọn ò ní san án fún ọ lẹ́yìn ọ̀la, ó sì tún lè di ọ̀rọ̀ ìwé ìbáwí. Síbẹ̀, àwọn kan ò lè wá, torí kò sówó epo. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2019, nínú òṣìṣẹ́ TSA mẹ́wàá káàkiri ilẹ̀ yìí, ẹnìkan ò wá síṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ẹ̀, ní Bush níbí, wọ́n ti ibi àyẹ̀wò tó wà ní Tẹ́mínà B pa torí pé òṣìṣẹ́ ò tó. Nígbà tó tún fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn èrò tò ní Bush fún ohun tó lé ní wákàtí mẹ́ta. FAA sì pàṣẹ kí wọ́n dín ọkọ̀ kù ní pápákọ̀ 40, Bush àti Hobby wà níbẹ̀.

Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ pápákọ̀. Ìwé owó orí ni mo máa ń bá àwọn èèyàn wa ṣe lápá Alief àti Bissonnet, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gbé ìwé wọn wá sọ́dọ̀ mi nígbà yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mo sì ti yí owó rẹ̀ padà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ nìyí gan-an. Ìyá ọmọ méjì ni, TSA ló ń ṣe. Ọkọ rẹ̀ ń fi mọ́tò gbé èrò, èyí tó ń mú bíi dọ́là 1,100 wálé lóṣù lẹ́yìn epo. Òun fúnra ẹ̀ ń gba dọ́là 1,700 lọ́sẹ̀ méjì-méjì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ohun tí wọ́n máa ń yọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí èèyàn mọ̀ ni pé owó náà kì í dúró lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gbẹ, ibẹ̀ ló sì ti ń tan èèyàn jẹ. Owó ọ̀sẹ̀ méjì tó parí lọ́jọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá wọlé ní ìdajì oṣù náà, ṣùgbọ́n kìkì àwọn ọjọ́ tó ṣáájú ìtìpa ni wọ́n san, ìyẹn ọjọ́ méje nínú mẹ́wàá fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráídè. Èyí tó gbà jẹ́ dọ́là 1,100. Ó ní, "Bùọ̀dá, kò burú jù, a máa yí i." Mo ní kó jókòó ná. Nítorí pé èyí tó máa tẹ̀ lé e ní ìparí oṣù Kẹwàá, òdo ni. Èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù Kọkànlá, òdo ni. Tí ẹ bá ro ó pọ̀, 600 tó kù nínú ti àkọ́kọ́, àti 1,700 lọ́nà méjì, dọ́là 4,000 ni ihò tó máa wà nínú ilé yẹn kí oṣù Kọkànlá tó dé àárín. Owó ilé oṣù Kẹwàá ti sanwó ara ẹ̀ pẹ̀lú owó ìparí oṣù Kẹsàn-án. Àpáta tó wà níwájú ni owó ilé ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, dọ́là 1,480.

Ó ní ohun kan tó yàtọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí sí ti ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n dá dúró á lọ gba owó àìríṣẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba Texas. Òun tó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ kò lè gbà á, torí ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọ́n dá dúró ò náwó epo mọ́. Òun ń náwó láti lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Láti Alief dé Bush lé ní máìlì 30, àlọ nìkan. Lọ́sẹ̀ kan, epo ń lọ sí bíi dọ́là 35, owó ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lórí Beltway ò sí níbẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe kò le: ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tí wọn ò ti í gbowó. Tí iṣẹ́ bá ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin òwúrọ̀, ọ̀nà yẹn dá fáú ní aago mẹ́ta, iná pupa nìkan ni wàhálà ẹ̀. Òun àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo mọ́tò kan ṣoṣo, wọ́n ń gbà á lẹ́nu ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó epo dín sí ìdá mẹ́ta. Ó tún sọ fún mi pé ohun tó dáa jù nínú ẹ̀ kì í ṣe owó náà, pé inú mọ́tò yẹn nìkan ni ibi tí òun ti lè sọ pé "mi ò lówó lọ́wọ́" láìsí pé ẹnikẹ́ni wo òun bákan.

Ohun kejì ni ẹni tó yẹ kí a kọ́kọ́ san owó fún. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa máa ń rò pé owó ilé ló ṣáájú ohun gbogbo, torí ìtìjú ilé lílé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó lè tètè bu èèyàn jẹ. Ní Texas, onílé ò kàn lè dédé kó ẹrù yín síta. Bí ìwé àdéhùn yín ò bá sọ nǹkan mìíràn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún yín ní ìwé ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà kó lọ sí kóòtù, kóòtù náà á dá ọjọ́. Kò tiẹ̀ lè gba owó ìtanràn títí ọjọ́ méjì gbáko á fi kọjá lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kí ẹ san. Iléeṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ ọjọ́ mẹ́wàá ránṣẹ́ kí wọ́n tó já iná. Káàdì ìyáwó ò lè ròyìn yín fún àwọn tó ń kọ ìwé gbèsè títí ẹ ó fi pẹ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́. Àmọ́ ẹni tó yá yín lówó mọ́tò ńkọ́? Òun ò nílò kóòtù. Tí ẹ bá ti já àdéhùn, ó lè wá fà á lọ lóru láìsọ fún yín, tí kò bá ṣáà ti dá ìjà sílẹ̀. Mọ́tò sì ni iṣẹ́ ní Houston. Kò sí bọ́ọ̀sì tó máa gbé yín láti Alief dé Bush ní aago mẹ́ta òru.

Nítorí náà, a san owó mọ́tò, 465, àti owó ìnṣọ́ránsì mọ́tò, 210, nínú 1,100 tó wọlé ní ìdajì oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn náà iná, 150, àti fóònù, 95, torí orí fóònù ni wọ́n ń gbé àtòjọ iṣẹ́ sí. Àpapọ̀ jẹ́ 920. Ìyókù jẹ́ 180, a fi í pamọ́ fún epo. Oúnjẹ wá láti owó ọkọ rẹ̀. Fún oṣù Kọkànlá, ó pe àwọn tó yá a lówó mọ́tò kó tó dọjọ́ ìsanwó, ó ní kí wọ́n gbé owó oṣù kan lọ sẹ́yìn. Wọ́n gbà. Èlé ṣì ń gun orí owó náà o, kì í ṣe ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n mọ́tò wà lẹ́nu ọ̀nà.

Fún onílé, ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ni mo ní kó kọ lẹ́tà, ìyẹn ọjọ́ méjìlá kí owó tó tó san. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tó bá kọ̀wé kí ó tó jẹ gbèsè, ẹni tó ń ṣètò ni lójú onílé. Ẹni tó bá kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀, onígbèsè ni. Ọ́fíìsì OPM tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń gbé àpẹẹrẹ lẹ́tà irú ẹ̀ jáde, ẹ lè lò ó. Lẹ́tà tirẹ̀ ò gùn. Ó so ìwé tí ibi iṣẹ́ fún un mọ́ ọn, èyí tó sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ láìgbowó. Ó ní òun máa san 500 lọ́jọ́ kìíní, òun á sì san 980 tó kù láàárín ọjọ́ márùn-ún tí owó bá dé. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ mú owó ìtanràn kúrò, kí wọ́n sì fèsì nínú ìwé. Lórí fóònù, ọmọbìnrin tó wà ní ọ́fíìsì ilé náà ti sọ fún un pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé, ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń bi mí lọ́kàn pé níbo ni 500 yẹn ti máa wá. Ẹ jẹ́ n dé ibẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwa gan-an wà.

Obìnrin yìí wà nínú àjọ. Àwọn mẹ́wàá ni, dọ́là 300 lóṣù, ẹni tó kàn á kó 3,000. Oṣù Kìíní ọdún 2026 ló yẹ kó kó tirẹ̀. Nígbà tí owó dúró, ohun àkọ́kọ́ tó wá sọ́kàn rẹ̀ ni bó ṣe máa rí 300 san láìjẹ́ kí ìyá àjọ mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ó ti fẹ́ lọ yá a ní ilé ìyáwó tó wà lójú ọ̀nà, èyí tí wọ́n ń kọ "owó kíákíá" sí lára. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Sọ́gún-dogójì pọ́ńbélé ni. Ní Texas, tí ẹ bá ro èlé àti owó iṣẹ́ wọn pọ̀ fún ọdún kan, ó máa ń ju 400 lọ lórí ọgọ́rùn-ún. Òfin ìlú Houston tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2014 dín wọn kù díẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n yá èèyàn ju ìdá kan nínú márùn-ún owó oṣù rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀ ò yí padà. Irú owó yẹn dára fún ẹni tó mọ ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa wọlé. Ẹni tí Kọ́ńgírẹ́sì ń dá dúró ò mọ ọjọ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì tó bá ti kọjá ni á máa san èlé tuntun.

Ó gbà láti pe ìyá àjọ. Ó ní ọkàn òun ń lù kìkì, òun kọ́kọ́ gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó sọ ọ́ tán, obìnrin náà bi í pé, "Ṣé o fẹ́ kí n bá ẹni oṣù Kọkànlá sọ̀rọ̀ kí ẹ pààrọ̀?" Ó ti ṣe é tán. Ẹni tó yẹ kó kó lọ́jọ́ kárùn-ún oṣù Kọkànlá ní kò sí ìṣòro, òun ò tíì nílò ẹ̀ títí ọdún tuntun. Ọkọ rẹ̀ wá fọkàn balẹ̀, ó fi owó tó ti ń kó jọ pamọ́ san 500 onílé lọ́jọ́ kìíní. Ọjọ́ kárùn-ún, 3,000 wọlé, wọ́n san 980, wọ́n san 300 ti àjọ fúnra ẹ̀, ìyókù gbé wọn dé ìgbà tí ìjọba ṣí. Láìsí èlé kankan.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí ọgbọ́n yìí pin sí. Nínú àwọn mẹ́wàá yẹn, méjì péré ló ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Nọ́ọ̀sì ni àwọn mìíràn, onírun wà níbẹ̀, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ wà níbẹ̀. Mo mọ àjọ mìíràn tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ níbì kan náà, tí wọ́n ń gba owó lọ́jọ́ kan náà. Oṣù tí owó dúró, ó dúró lórí gbogbo wọn. Ẹni tó yẹ kó kó lóṣù yẹn rí ìdajì, ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́jọ sì di ẹni tí kì í kí ara wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ẹ bá fẹ́ dá àjọ, ẹ wo ibi tí owó olúkúlùkù ti ń wá.

Yàtọ̀ sí àjọ, àwọn ilé ìfowópamọ́ alájẹṣẹ́kù kan, bíi Navy Federal, yá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lówó láìgba èlé lásìkò náà. Àmọ́ ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ti ń wọlé tààrà sọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń yá. Ìyẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń sáré lọ ṣe lọ́jọ́ tí omi ti dé ọrùn. Houston Food Bank náà pín oúnjẹ fún òṣìṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìgbà yẹn gan-an ni owó oúnjẹ SNAP náà dúró fún àwọn aláìní ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, ìlà wọn sì gùn. Obìnrin yìí lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó wọ fìlà, ó lọ sí ibi tó jìnnà sí Alief. Ó pàdé èèyàn wa mẹ́ta níbẹ̀ tí àwọn náà wọ fìlà.

Ìtìjú yìí ló wọ̀ wá lára jù. Ẹni tó bá ti ń fi owó ránṣẹ́ sílé ló mọ̀ ọ́n. Ó ń fi 200 ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní Òṣogbo lóṣooṣù fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti múra irọ́ sílẹ̀, ó máa ní báńkì ló ń ṣe bákan. Mo bi í pé kí ni bàbá ń ṣe nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní tíṣà ìjọba Ọ̀ṣun ni. Mo ní, ọmọ yìí, bàbá tó o fẹ́ parọ́ fún yìí mọ ọ̀rọ̀ náà jù ẹ́ lọ!

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọ̀ṣun ẹ rántí. Ní ọdún 2015, lásìkò Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá, owó epo tó ń wá láti Àbújá já wálẹ̀, wọ́n jẹ òṣìṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí wọ́n fi máa tún bẹ̀rẹ̀ sí í san án, wọ́n ní ìpele kìíní sí ìkeje á gba ẹ̀kún, àwọn àárín á gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àwọn ìpele kejìlá sókè á gba ìdajì. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2018, bí ọgbọ̀n oṣù. Ìdajì tó kù di gbèsè. Ọdún 2022 ni Gómìnà Adélékè gorí àlééfà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn ti kú kó tó kàn wọ́n.

Ó pe bàbá rẹ̀. Ìbéèrè tí bàbá kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ìdajì ni wọ́n ń fún yín ni, àbí kò sí rárá?" Ìkejì ni pé, "Ṣé ẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀?" Bàbá ní lọ́jọ́ kìíní tí ìdajì owó bẹ̀rẹ̀, òun ra ìwé ogójì ojú ewé kan, gbogbo oṣù ni òun ń kọ iye tó yẹ, iye tó wọlé, iye tó kù. Ó ní ìwé yẹn ni kò jẹ́ kí òun yawèrè, torí pé tí òun bá ti kọ ọ́, òun á pa á dé, òun á lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun tí kò kọ nǹkan kan ni wọ́n ń ro ó tọ̀sán-tòru. Ó sì ní kó dá 200 náà dúró, oògùn ṣì wà tó máa tó oun lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ bàbá yẹn púpọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Ọ̀ṣun àti Houston ni pé níbí, òfin kan wà tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù Kìíní ọdún 2019, tó sọ pé tí ìjọba bá ti tilẹ̀kùn tó sì tún ṣí, wọ́n gbọ́dọ̀ san owó òṣìṣẹ́ tó kù. Lóòótọ́, lóṣù Kẹwàá ọdún 2025, àwọn kan ní ọ́fíìsì Ààrẹ sọ pé òfin náà kò dá àwọn tó jókòó sílé lójú, ọkàn àwọn èèyàn sì dà rú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó jiyàn pé owó rẹ̀ ò sí. Ohun tí kò mọ̀ ni ọjọ́. Àìmọ ọjọ́ yìí ló ń jẹ ọkàn, torí náà iye tí èèyàn mọ̀ ló yẹ kó dì mú. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé kọ́ńtírákítọ̀ ló gbà yín síṣẹ́, bíi àwọn tó ń gbálẹ̀ tàbí tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹ gbọ́ o: òfin ọdún 2019 yẹn ò kàn yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yín kí ọjọ́ tó kò.

Obìnrin yìí náà ra ìwé. Wákàtí tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí tó parí, ọjọ́ Sọ́ńdè, iṣẹ́ òru, gbogbo ẹ̀ ló ń kọ nínú mọ́tò kó tó wọlé sùn. Ó ní ó tún ràn án lọ́wọ́ ní ibi àyẹ̀wò. Èrò tó ti dúró fún wákàtí mẹ́ta á dé iwájú ẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, á ní ẹ̀yin lẹ fa gbogbo èyí. Àwọn mìíràn á fẹ́ fún un ní ogún dọ́là, kò sì gbọdọ̀ gbà á níbẹ̀. Ó ní èébú yẹn ò dun òun tó owó tí òun ń dá padà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé fún wákàtí kan, kò lè wọlé. Ọkọ rẹ̀ jáde wá jókòó tì í, kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ó pe nọ́ńbà ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ tí ibi iṣẹ́ ní fún òṣìṣẹ́, ó bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tó bá kọjá agbára, nọ́ńbà 988 wà fún gbogbo èèyàn, tọ̀sán-tòru, kò gba owó.

Nígbà tí ìjọba ṣí, ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá, Akọ̀wé ààbò ilẹ̀ yìí, Kristi Noem, wá sí Bush níbí gan-an, ó fún àwọn òṣìṣẹ́ TSA kan ní ṣẹ́ẹ̀kì dọ́là 10,000 torí pé wọ́n dúró ti iṣẹ́ wọn. Inú wa dùn fún wọn. Ó kàn jẹ́ pé ìyá tó kó ọmọ tó ní ikọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ kan nínú ọjọ́ 43 náà dúró ti iṣẹ́, ó sì lè má rí nǹkan kan. Obìnrin tiwa ò rí i.

Owó tó kù wọlé fún un lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Mo ní kó má tíì ná an, kó gbé ìwé rẹ̀ wá ká fi wé ìwé ìṣirò owó. Owó tí wọ́n sáré san báyìí, owó wákàtí gangan ló máa ń kọ́kọ́ wá. Àfikún ti iṣẹ́ òru, ti ọjọ́ Sọ́ńdè àti ti wákàtí tó lé lè wá lẹ́yìn. Owó ìnṣọ́ránsì ìlera tí wọn ò yọ nígbà ìtìpa, wọ́n á yọ ọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èèyàn á sì rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. A fi ìka tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì mi. Wákàtí òru 18 àti ọjọ́ Sọ́ńdè méjì ò tíì sí níbẹ̀. Ó fàlà sí abẹ́ wọn pẹ̀lú bírò pupa, ó sì ń retí wọn. Wọ́n wọlé pẹ̀lú owó ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, ó sì fi ránṣẹ́ sí Òṣogbo ní 400, ti oṣù méjì pọ̀.